Àkọlé Wo Ló Ni Ìpínrọ̀ Yìí?

Àwọn nọ́ọ̀sì, dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ wa tó fẹ́ lọ sí òkè òkun mọ IELTS bí ẹni mọ owó. Nínú ìdánwò náà, apá ìwé kíkà ni ọ̀pọ̀ máa ń fojú kéré, torí pé kò sí aṣèdánwò tó máa bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kò sì sí àròkọ kíkọ. Ìbéèrè 40 ni, wákàtí 1 péré. Àmọ́ irú ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń dá ẹni tó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì bí omi pàápàá dúró. Wọ́n á fi lẹ́tà sórí àwọn ìpínrọ̀ inú àyọkà gígùn kan: A, B, C, bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á to àwọn àkọlé kúkurú sí ẹ̀gbẹ́ kan, pẹ̀lú nọ́ńbà i, ii, iii. Iṣẹ́ rẹ ni kí o wá àkọlé tó bá ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan mu.

Àwọn àkọlé náà máa ń pọ̀ ju ìpínrọ̀ lọ. Ìpínrọ̀ lè jẹ́ 6, kí àkọlé jẹ́ 9, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹ̀tàn ni 3 nínú wọn. Àkọlé kan kò sì gbọ́dọ̀ lọ sórí ìpínrọ̀ méjì. Ibi tí ewu rẹ̀ wà gan-an nìyẹn. Bí o bá fi àkọlé D fún B, o ti pàdánù B. Nígbà tí o bá wá dé D, àkọlé rẹ̀ kò sí nílẹ̀ mọ́, o ó mú ti ẹlòmíràn fún un. Àṣìṣe kan ti di méjì, ó sì lè di mẹ́ta. Àwọn tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè máàkì 7 nínú ìwé kíkà, ìdáhùn tó tọ̀nà bí 30 nínú 40 ló sì sábà máa ń mú 7 náà wá. Ẹni tó bá sọ 3 nù síbi kan ṣoṣo ti jẹ nínú ohun tó yẹ kó fi gba ara rẹ̀ là níbòmíràn.

Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi Yorùbá kọ ìpínrọ̀ kan tí a lè fi dán ara wa wò. Ká pè é ní B:

Àwọn oníṣòwò Pọtogí ló gbé ẹ̀gẹ́ láti Gúúsù Amẹ́ríkà wá sí etíkun wa. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí àwọn àgbẹ̀ tó fọkàn sí i. Ilẹ̀ kò kọ̀ ọ́, òjò kò sì dí i lọ́wọ́. Májèlé tó wà nínú rẹ̀ ló ń bani lẹ́rù, nítorí pé ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fún omi rẹ̀ dànù lè fi jíjẹ rẹ̀ gbàìsàn. Ìgbà tí àwọn tó ti oko ẹrú Bràsíl padà dé fi bí wọ́n ṣe ń ṣe gàrí han àwọn ará ilé ni ọ̀rọ̀ tó yí padà.

Àwọn àkọlé rèé: i, Bí ẹ̀gẹ́ ṣe dé ilẹ̀ wa. ii, Ohun tó fa ìfàsẹ́yìn fún irè oko kan. iii, Májèlé inú oúnjẹ. iv, Bí wọ́n ṣe ń ṣe gàrí.

Nọ́ọ̀sì kan tí mo fi irú èyí hàn kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

“Sà, i ni. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ti sọ ọ́.”

“Kí wá ni gbólóhùn kẹta ń ṣe níbẹ̀, tó ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti òjò?”

Ó tún un kà. “Ó ń sọ ohun tí kò fa ìdádúró. Háà! Ọ̀rọ̀ nípa ìdí tó fi pẹ́ ni gbogbo rẹ̀.”

Ii ni lóòótọ́. Ẹ wò ó dáadáa: kò sí “ẹ̀gẹ́” nínú àkọlé náà, kò sí “májèlé”, kò sí “gàrí.” Àwọn tó ń ṣe ìdánwò yìí mọ̀ pé ojú máa ń sáré lọ bá ọ̀rọ̀ tó jọra. Wọ́n á mú ọ̀rọ̀ inú ìpínrọ̀ sínú àkọlé ẹ̀tàn, wọ́n á sì fi ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá gbé àkọlé tó tọ́ kalẹ̀. Bí àkọlé kan bá jọ ìpínrọ̀ jù, èmi á kọ́kọ́ fura sí i ná.

Ọ̀pọ̀ tíṣà lẹ́sìnnì máa ń ní kí èèyàn ka gbólóhùn àkọ́kọ́ àti èyí tó gbẹ̀yìn, kó máa lọ. N kò fara mọ́ ọn. Nínú B wa yìí, ti àkọ́kọ́ á tì ọ́ sí i, ti ìkẹyìn á fà ọ́ lọ sí iv, ìdáhùn sì wà láàárín. Ohun tó ń darí ìpínrọ̀ náà ni “síbẹ̀” tó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kejì. Gbogbo ohun tó ṣáájú rẹ̀ jẹ́ ọ̀nà àbáwọlé lásán. Níbikíbi tí òǹkọ̀wé bá ti yí ọ̀rọ̀ padà pẹ̀lú “ṣùgbọ́n” tàbí “àmọ́”, ẹ̀yìn rẹ̀ ló yẹ kéèyàn ti wá ohun tó fẹ́ sọ.

Ọ̀nà tí mo fi ń yẹ ìdáhùn wò kò le. Mú àkọlé tí o yàn, kí o gbé e bá gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí o bi í pé: bí èyí bá ni àkọlé, kí ni gbólóhùn yìí wá ṣe níbí? Àkọlé i gba gbólóhùn kan ṣoṣo, mẹ́rin yòókù kò ríbi dúró sí. Iii fẹ̀ jù, oúnjẹ gbogbo ayé ló ń sọ, ó sì fi àwọn Pọtogí àti àwọn ará Bràsíl sílẹ̀ lẹ́yìn. Iv gba gbólóhùn tó gbẹ̀yìn nìkan.

Ká wá sọ pé ìpínrọ̀ C sọ bí wọ́n ṣe ń bó ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ń rin ín, tí wọ́n ń gbé òkúta lé àpò rẹ̀ kí omi lè ro, tí wọ́n á sẹ́ ẹ, kí wọ́n tó yan án nínú agbada. Òun ló ni iv. Ẹni tó ti ná iv sórí B kò ní rí nǹkan fún C ju iii lọ, bẹ́ẹ̀ C kò sọ̀rọ̀ májèlé rárá. Bí o bá dé ìpínrọ̀ kan tó dá ọ lójú ṣáká, tí àkọlé tó ṣẹ́kù kò sì bá a mu, má ṣe fi tipátipá so ó. Padà sẹ́yìn lọ wo ẹni tó gba tirẹ̀.

Kò pọn dandan kéèyàn bẹ̀rẹ̀ láti A. Ìpínrọ̀ kúkurú tàbí èyí tó sọ ohun kan ṣoṣo ni kó kọ́kọ́ mú, torí bí àkọlé ṣe ń dínkù ni èyí tó le ń rọrùn. Bí méjì bá ń ṣe ọ́ ṣé-èyí-ni-àbí-tọ̀hún, kọ àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpínrọ̀ náà pẹ̀lú pẹ́ńsùlù, kí o tẹ̀ síwájú. Mo tún máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi Yorùbá kọ ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta síbẹ̀, bí “ìdí tó fi pẹ́”, kí wọ́n tó wo àwọn àkọlé rárá. Ẹni tó ti fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ ọ́ kì í tètè kó sí páńpẹ́ ọ̀rọ̀ tó jọra.

Àwọn ìpínrọ̀ kan wà tí gbogbo èyí kò ní ràn. Wọ́n gùn, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀, àkọlé méjì á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́. Bí nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 bá ti lọ lórí àyọkà kan, yan ọ̀kan, kí o kúrò níbẹ̀, wọn kì í yọ máàkì nítorí ìdáhùn tí kò tọ̀nà. Nọ́ńbà àkọlé nìkan ni kí o kọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, ńṣe lo máa fa àkọlé lọ sórí ìpínrọ̀. Ẹni tó bá ń lo bébà ní láti máa kọ ìdáhùn sínú ìwé ìdáhùn bó ṣe ń lọ, torí pé nínú wákàtí 1 yẹn náà ni gbogbo rẹ̀ wà, wọn kò ní fún un ní àsìkò mìíràn láti dà á kọ.