Ṣé Ó Ti Padà Dé? Bí Èdè Rọ́ṣíà Ṣe Ń Sọ̀rọ̀ Lílọ àti Bíbọ̀

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ọdún 1961, bí ọkọ̀ òfuurufú tó gbé Yúrì Gàgárín ṣe ń gbéra nílẹ̀ ní Baikonúr, ọ̀rọ̀ kan jáde lẹ́nu rẹ̀ tí tọmọdé tàgbà ní Rọ́ṣíà ṣì mọ̀ dòní: "Poyéhali!" Bí a bá ní ká fi Yorùbá sọ ọ́, "Ó yá, a ti gbéra" ló sún mọ́ ọn jù. Ẹ wo bí wọ́n ṣe dì í. "Yéha" tó wà láàárín sọ pé nǹkan ló ń gbé èèyàn lọ, kì í ṣe pé ó ń fẹsẹ̀ rìn. "Li" tó gbẹ̀yìn sọ pé àwọn tó ń lọ ju ẹyọ kan lọ. "Po" tó ṣíwájú sọ pé ìrìn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ti pé wọn yóò padà wá tàbí wọn kò ní padà wá, ọ̀rọ̀ náà kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Lẹ́tà tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Lẹ́tà tiwa ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ wọn níbí, mo kàn yá v àti z nítorí a kò ní wọn. Àmì òkè tí mo fi sí i ń tọ́ka ibi tí wọ́n ti ń fi agbára pe ọ̀rọ̀ náà.

"Lọ" tiwa kò bèèrè ohun tí èèyàn fi lọ. Ẹlẹ́sẹ̀ lọ, ọlọ́kọ̀ lọ, ẹni tó wọ bàálù náà lọ. Ní Rọ́ṣíà, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ni idtí wà fún, ẹni tí nǹkan ń gbé sì ni yéhat wà fún. Bí àlejò bá sọ pé "Idú v Lóndon", ẹni tó gbọ́ ọ yóò rò pé ó fẹ́ fẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà dé Lọ́ńdọ̀nù ni. (Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni kò tẹ̀lé òfin yìí: wọ́n máa ń sọ pé bọ́ọ̀sì "idyót", wọ́n sì ń sọ ọ́ fún òjò tó ń rọ̀ pẹ̀lú.)

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le gan-an ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe yìí ló ní èkejì. Idtí ní hodít, yéhat ní yézdit. Ọ̀pọ̀ ìwé gírámà ka irú èjì-èjì bẹ́ẹ̀ sí 14, sáré, fò, lúwẹ̀ẹ́ àti gbé nǹkan lọ wà lára wọn. Idtí ni ti ẹni tó wà lójú ọ̀nà báyìí, tó kọjú síbì kan. Hodít ni ti ẹni tó lọ tó bọ̀, ti ẹni tó máa ń lọ, ti ẹni tó kàn ń rìn káàkiri inú yàrá, àti ti ọmọ kékeré tó ti mọ ìrìn rìn.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wò. Ẹnì kan wá kí Iván nílé, ó bi ẹni tí wọ́n jọ ń gbé léèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí onítọ̀hún bá dáhùn pé "Poṣól v aptéku", Iván ti jáde lọ sílé oògùn, kò tíì dé. Àlejò lè jókòó dè é. Ṣól ni idtí máa ń dà bó bá di ohun tó ti kọjá. Bó bá jẹ́ obìnrin ni, yóò di poṣlá. Bó bá sọ pé "Hodíl v aptéku", Iván ti lọ, ó ti bọ̀. Àlejò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wojú yàrá bóyá yóò rí i. Yorùbá náà lè sọ ọ́, àmọ́ àwa yóò ní láti fi "ó sì ti dé" kún un. Àwọn kò fi nǹkan kan kún un, ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n mú ti sọ ọ́ tán.

Ìdáhùn kẹta wà: "Ṣól v aptéku." Ẹni tó gbọ́ èyí yóò máa retí ìyókù, nítorí ohun tó gbọ́ ni pé Iván ń lọ lọ́wọ́, ó wà lójú ọ̀nà. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ṣé òjò ló pa á ni, àbí ó pàdé ẹnì kan? Ṣól nìkan kì í parí ìtàn. Àjèjì tó bá fẹ́ sọ pé òun lọ sílé oògùn lánàá, tó sì sọ pé "ṣól", á ti fi olùgbọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Àṣìṣe mìíràn ni kéèyàn rò pé gbogbo ohun tí a "máa ń" ṣe, hodít ló ni ín. Bí mo bá sọ pé mo máa ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, hodít ni lóòótọ́, torí àlọ àti àbọ̀ ló wà níbẹ̀. Àmọ́ bí mo bá ń to ìrìn òwúrọ̀ mi lẹ́sẹẹsẹ, pé mo máa ń jáde nílé láago méje, kí n tó wá forí lé ibùdókọ̀, idtí ni yóò gba "forí lé" yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni. Ìdí ni pé ojú kan ṣoṣo ni apá ìrìn yẹn kọ sí. Ojú tí ìrìn kọ sí ni kí akẹ́kọ̀ọ́ máa wò, kó tó ka iye ìgbà.

Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ló kù. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojúurin abẹ́ ilẹ̀ ní Mọ́síkò yóò rí i lára ògiri: vhod ni ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, výhod ni ti àbájáde, perehód sì ni ibi tí a ti ń ré kọjá sí ojú irin mìíràn. Hod kan náà ni, ohun tó ṣíwájú rẹ̀ ló ń darí rẹ̀. Àwa náà ń ṣe irú rẹ̀, ẹ̀yìn la kàn ń fi tiwa sí: ẹyẹ fò wọlé, ó fò jáde, ó fò kọjá. Iwájú làwọn ń so ó mọ́: vletét, výletet, pereletét. Ẹni tó bá gbọ́ èdè wa dáadáa ti ní ìmọ̀ yìí lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, mo sì gbà pé ibẹ̀ ló yẹ kí olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ Yorùbá.

Kí ó ṣọ́ra fún ẹsẹ̀ àti ọkọ̀ níbí náà. Pereytí ni kéèyàn fẹsẹ̀ sọdá títì. Pereyéhat ni kí ọkọ̀ sọdá, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní ọkọ̀ "pereyéhal" ajá, ó ti gun orí ajá náà kọjá nìyẹn.

Bí àfòmọ́ bá ti wọlé, iṣẹ́ èjì-èjì yẹn yí padà. Priytí ni kéèyàn dé lẹ́ẹ̀kan, kó sì parí. Prihodít ni kó máa dé. Síbẹ̀, bó bá ti di ohun tó kọjá, ọ̀rọ̀ àlọ àti àbọ̀ tún yọjú. "Priṣól Iván": Iván ti dé, ẹ wá àga fún un. "Prihodíl Iván": Iván wá, kò bá ọ nílé, ó ti lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ kọ́ èdè yìí, ẹ má ṣe há idtí àti hodít sórí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Poṣól àti hodíl ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́ papọ̀, priṣól àti prihodíl tẹ̀ lé e. Bí ẹnì kan ní Rọ́ṣíà bá sì ní "Shodí v aptéku" (s àti h ni ká pè lọ́tọ̀ níbẹ̀), ẹ tètè bọ̀ o, nítorí àbọ̀ yín wà nínú iṣẹ́ tó rán yín.