Kíka Èrò Ìjọ àti Títọ́jú Àlejò

Ní ọ̀pọ̀ ìjọ nílẹ̀ Yorùbá, àwọn ọ́ṣà máa ń ka gbogbo ẹni tó wá jọ́sìn lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á sì kọ iye rẹ̀ sínú ìwé: ọkùnrin mélòó, obìnrin mélòó, ọmọdé mélòó. Ẹni tó bá ń wá fún ìgbà àkọ́kọ́ á gba káàdì, á kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i. Ìwé iye èrò á lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé, káàdì á lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń bẹ àlejò wò, àwọn méjèèjì kì í sì í sábà pàdé. Nítorí àìpàdé yìí ni ìjọ fi lè gba àlejò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún odidi ọdún, kó má sì mọ̀ pé wọn kì í dúró.

Àwọn Mẹ́tọ́díìsì ti rí ọgbọ́n kan sí ọ̀rọ̀ yìí láyé àtijọ́. Lọ́dún 1742, ní ìlú Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbèsè ilé ìjọsìn wà lọ́rùn àwọn ọmọ ẹ̀yìn John Wesley. Ọ̀kan nínú wọn dábàá pé kí kálukú máa dá pẹ́nì kan lọ́sẹ̀. Wọ́n wá pín ara wọn sí kíláàsì, nǹkan bí èèyàn méjìlá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, olórí kíláàsì ni yóò sì máa gba owó náà. Bí àwọn olórí ṣe ń lọ káàkiri ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí wọn kò bá lọ: ìgbé ayé àwọn kan kò rí bó ṣe yẹ kó rí. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ olórí kíláàsì ti di mímọ bí olúkúlùkù ṣe wà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì dé Badagry lọ́dún 1842, kíláàsì sì wà nínú ìjọ wọn níbí títí dòní.

Orí kíka nǹkan ti sábà máa ń wọ́. Bí wọ́n bá kà nígbà tí ìsìn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àwọn tó pẹ́ kò ní sí níbẹ̀. Bí wọ́n bá dúró di ìparí, àwọn kan ti lọ. Àsìkò tó dára jù ni ìgbà tí ìwàásù bá ti wọra, tí gbogbo èèyàn ti jókòó tí wọn kò sì rìn mọ́. Ọ́ṣà kan máa ń mú apá kan ilé ìsìn, kí ẹni méjì má baà ka ìlà ìjókòó kan náà. Àwọn tí wọ́n máa ń gbàgbé ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́: ẹgbẹ́ akọrin, olùkọ́ àwọn ọmọdé, àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ, ẹni tó ń ṣọ́ mọ́tò lẹ́nu géètì, ìyá tó gbé ọmọ tó ń sunkún bọ́ síta, àti àwọn ọ́ṣà fúnra wọn. Bí ìsìn bá jẹ́ méjì láàárọ̀, ẹni tó bá kọrin nínú méjèèjì á di ẹni méjì nínú ìwé, àfi tí wọ́n bá yọ ọ̀kan kúrò.

Iye ọjọ́ kan ṣoṣo kò tó láti dájọ́. Òjò lè lé èèyàn mọ́lé, ìkórè lè kó mọ̀lẹ́bí wá láti ìlú míì. Nítorí náà ni àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ṣe ń wo ìpíndọ́gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ṣùgbọ́n ìyẹn náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ká sọ pé ìjọ kan ka 138, 146 àti 141, tí ọ̀sẹ̀ kẹrin bọ́ sí ìkórè tí èrò di 215. Ìpíndọ́gba á jẹ́ 160, bẹ́ẹ̀ kò sí ọjọ́ kan lásán tí èèyàn tó bẹ́ẹ̀ wá síbẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ìkórè, ó di nǹkan bí 142, iye yìí ló sì sún mọ́ òtítọ́. Ìkórè ọdún yìí, ti ọdún tó kọjá ló yẹ kí wọ́n fi wé.

Káàdì àlejò kò gbọ́dọ̀ gùn. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù, àdúgbò, ẹni tó mú un wá, àti bóyá ó ti ní ìjọ tó ń lọ, ó tó bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ṣe pàtàkì gan-an, nítorí ẹni tó wá bá wọn kó ọmọ jáde láti ìlú míì kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń retí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ọ́ṣà tó gba káàdì náà, kó ka nọ́ńbà rẹ̀ padà sí etí àlejò. Nọ́ńbà mọ́kànlá ni. Bí ọ̀kan bá ṣìnà, àlejò náà ti sọnù nìyẹn. Ó tún yẹ kí wọ́n bi í léèrè bóyá wọ́n lè pè é. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 ka ìgbàgbọ́ ẹ̀sìn èèyàn mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra púpọ̀, kò sì yẹ kí àwòrán káàdì máa kiri lórí wásáàpù.

Ìpè àkọ́kọ́ kì í kọjá ọjọ́ Ajé tàbí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí àlejò ṣì ń rántí ojú àti ohùn. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó pè é, kó sì jẹ́ ẹni tí yóò rí lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í gùn: “Ẹ kú alẹ́ o. Èmi ni mo bá yín jókòó lánàá. Ṣé ẹ délé ire? A dúpẹ́ pé ẹ bá wa jọ́sìn.” Lẹ́yìn èyí, kí ó gbọ́ tẹnu àlejò. Ọ̀rọ̀ owó, ẹgbẹ́ àti aṣọ ẹgbẹ́ kò tíì kàn. Bí àlejò bá ní kí wọ́n má pe òun mọ́, wọ́n á kọ ọ́ sára káàdì, kí ẹlòmíì má baà tún pè é.

Ibi tí ìwé méjèèjì ti ń pàdé ni kíkó àwọn àlejò oṣù kan pọ̀ àti títọpa wọn. Ká ní àlejò 12 wá lóṣù kẹta. Mẹ́rin ní ìjọ níbòmíì, ó ku mẹ́jọ. Nọ́ńbà méjì kò wọlé, wọ́n bá mẹ́fà sọ̀rọ̀. Marùn-ún padà wá lẹ́ẹ̀kejì, mẹ́ta ló dé ìgbà kẹrin. Ìṣirò yìí ń fi ibi tí nǹkan ti ń já hàn. Bí púpọ̀ kò bá wá lẹ́ẹ̀kejì, káàdì, ìpè tàbí bí wọ́n ṣe gbà wọ́n lọ́jọ́ náà ni kí wọ́n wò. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn ìgbà kejì tàbí kẹta ni wọ́n ń lọ, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tíì rí ọ̀rẹ́ kan nínú ìjọ.

Tí àlejò bá ti dé ìgbà kẹrin, orúkọ rẹ̀ kúrò lórí káàdì, ó wọ ìwé kíláàsì. Bí ìjọ kan bá rí èèyàn 30 tó dé ibẹ̀ láàárín ọdún, síbẹ̀ tí ìpíndọ́gba rẹ̀ ṣì wà ní 142, a jẹ́ pé iye tó sún mọ́ èyí nínú àwọn àtijọ́ ti lọ, tàbí kí ọ̀pọ̀ wọn máa wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Orí kíka kò lè dárúkọ wọn. Olórí kíláàsì tó ń sàmì sí orúkọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló lè ṣe é, òun náà ni yóò sì lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tí kò bá wá fún Àìkú mẹ́ta léraléra.