Ẹ Dárúkọ Iye Owó, Ẹ Dá Ọjọ́: Bí A Ti Í Béèrè Gbèsè Pẹ̀lú Ọ̀wọ̀

Láyé ìgbà kan, bí Òṣómàáló bá dé ẹnu ọ̀nà ajigbèsè, kò sí ẹni tí yóò béèrè ohun tí ó bá wá. Orúkọ tí a fi ń pe àwọn oníṣòwò aṣọ Ìjẹ̀ṣà wọ̀nyí ti sọ ọ́ tán: òṣó ni wọn yóò ló títí owó wọn yóò fi jáde. Lónìí, orí tẹlifóònù ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ lẹ́yìn odi ń lóṣòó sí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kì í sábà sọ iye owó tí wọ́n ń bèèrè.

Bí àpẹẹrẹ, ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo oníṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù kan ní Ògunú ní ìlú Wárì, àdúgbò tí ilé iṣẹ́ elépo Ṣẹ́ẹ̀lì fi ṣe ibùdó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó tún ẹ̀rọ mẹ́rin ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì àgbàlagbà kan tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan náà. Owó iṣẹ́ jẹ́ ₦186,000. Bàbá san ₦60,000, ọjọ́ tí wọ́n dá fún ìyókù sì kọjá. Ọmọkùnrin náà wá kọ ọ́ báyìí pé: “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Ẹ má bínú pé mo ń yọ yín lẹ́nu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí ọmọ yín lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ohunkóhun tí ẹ bá rí, mo fara mọ́ ọn.”

Àléébù ọ̀rọ̀ yìí kò fara sin. “Ọ̀rọ̀ yẹn” kò sọ iṣẹ́ tí a ṣe. Kò sí iye owó, kò sí ọjọ́. “Ẹ má bínú” sọ olówó di ẹlẹ́bi, “ohunkóhun” sì lè mú kí bàbá fi ₦10,000 ránṣẹ́ kí ó sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò sí ìdáhùn mìíràn tí iṣẹ́ yìí ń bèèrè ju “Mo ti gbọ́” lọ.

Bí a bá tún un kọ, ìkíni àti “ẹ” ọ̀wọ̀ yóò dúró, nítorí pé inú wọn ni ọ̀wọ̀ wà. Ẹ̀bẹ̀ tí kò nídìí ni a ó yọ kúrò:

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Lórí ìwé owó nọ́ńbà 17 ni mo fi kọ̀wé yìí, ti ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́rin tí mo tún ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì yín. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦186,000. Ẹ ti san ₦60,000. Ó ku ₦126,000, tí ó yẹ kí ó wọlé ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ san án sínú àkáǹtì tí ó wà lórí ìwé owó náà kí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta tó parí. Bí iṣẹ́ náà bá ní ohun tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ṣáájú ọjọ́ náà. Bí ẹ bá ti san án, ẹ fi ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ ṣeun, sà.”

Gbólóhùn nípa iṣẹ́ tí kò tẹ́ni lọ́rùn ṣe pàtàkì. Bí ajigbèsè bá ní ẹ̀sùn, yóò sọ ọ́ nísinsìnyí, dípò kí ó mú un jáde lọ́jọ́ ẹjọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé owó ni kò sí, kí wọ́n pín gbèsè náà sí ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Èlé tí wọn kò jọ sọ nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀.

Bí ọjọ́ náà bá tún kọjá, ìwé ìkẹyìn ni ó kàn: iye owó kan náà, ọjọ́ kan péré sí i, àti ìgbésẹ̀ tí olówó ti múra tán láti gbé. Kí ó má ṣe fi ọlọ́pàá dẹ́rù bà á. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020, ní abala 32, kò gbà kí a mú ènìyàn kìkì nítorí pé ó yẹ àdéhùn. Kí ó má sì ṣe gbé e sí ojú ìwé ẹgbẹ́ kí gbogbo ọmọ ìlú lè rí i. Ìtìjú a máa sọ gbèsè di ìjà.

Ilé ẹjọ́ ni ọ̀nà tí ó tọ́, ìwé yìí ni yóò sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí ilé ẹjọ́ fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018, olùpẹjọ́ gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ fi ìwé bèèrè owó rẹ̀. Iṣẹ́ orí tẹlifóònù pàápàá lè di ẹ̀rí lábẹ́ abala 84 Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, bí ìwé ìjẹ́rìí tí òfin náà bèèrè bá tẹ̀ lé e. Nítorí náà, kí olówó má ṣe pa ọ̀kankan rẹ́, kí ó sì fún ajigbèsè ní ẹ̀dà orí bébà, kí ó fọwọ́ sí i pé òun gbà á.

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rere tí kò dárúkọ iye owó, obì nìkan ni yóò yọ. ₦126,000 yóò ṣì wà lápò oní-òtẹ́ẹ̀lì.