Ìtọ́jú Màlúù Ìtúlẹ̀ àti Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Akẹ́rù

Bí màlúù ṣe ń fa ẹrù kọ́ ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ṣe ń fà á. Iké tó wà lẹ́yìn ọrùn ni màlúù fi ń ti àjàgà síwájú, nítorí náà iwájú iké ni igi àjàgà máa ń wà. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kò ní iké. Àyà ló fi ń fà. Ẹni tó bá gbé àjàgà màlúù lé e lọ́rùn ti dá egbò sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ní gúúsù, ènìyàn ló ń ti ọmọlanke, kì í ṣe ẹran ló ń fà á. Eṣinṣin tí ń gbé àìsàn oorun kiri nínú igbó wà lára ohun tí kò jẹ́ kí màlúù ìtúlẹ̀ gbilẹ̀ ní gúúsù. Kánò, Kátsínà àti àríwá Bẹ̀nẹ̀, ní àyíká Kándì, ni fífi ẹran ṣiṣẹ́ ti wọ́pọ̀, ibẹ̀ sì ni ìlànà yìí ti wá.

Igi àjàgà gbọ́dọ̀ dán, kó rí roboto níbi tó ti kan ọrùn, kí màlúù méjèèjì tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ga bákan náà. Bí ọ̀kan bá kúrú, òun ni yóò ru ìnira. Ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni ọ̀já àyà tó fẹ̀ tó ìka mẹ́rin, tí a fi aṣọ òwú tẹ́ nínú. Okùn ọ̀rá kò dára, ó máa ń bó awọ. Bí ọ̀já bá ga jù, yóò fún ọ̀nà ọ̀fun. Bó bá wálẹ̀ jù, yóò dí ẹsẹ̀ iwájú lọ́wọ́. Tìmùtìmù ẹ̀yìn ní láti pín sí ọ̀tún àti òsì, kó má kan eegun ẹ̀yìn rárá.

Lẹ́yìn iṣẹ́, kí a fi ọwọ́ tọ́ ibi tí ìjánu àti ọ̀já ti kàn. Irun tó bó, awọ tó gbóná tàbí tó wú ló ń ṣáájú egbò. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kì í sábà fi ìrora hàn, ọwọ́ ló máa ń rí i kí ojú tó rí i. Ẹran tó ti légbò gbọ́dọ̀ sinmi títí awọ yóò fi jinná. Fífi àkísà bo egbò kí iṣẹ́ lè máa lọ kò wo ohunkóhun.

Ìgbà tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀ ni ìtúlẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀, ìgbà yẹn gan-an sì ni màlúù máa ń rù jù, nítorí ẹ̀ẹ̀rùn ti gbẹ koríko tán. Nítorí náà ni àgbẹ̀ tó mọ iṣẹ́ fi ń tọ́jú ewé ẹ̀pà àti ewé ẹ̀wà gbígbẹ pamọ́ lẹ́yìn ìkórè, tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi bọ́ ẹran ní bí oṣù méjì ṣáájú òjò. Màlúù tó wọn 300 kìlógíráàmù nílò oúnjẹ gbígbẹ bíi kìlógíráàmù 7 lójúmọ́, pẹ̀lú èèrí, iyọ̀ àti omi lítà 30 sí 40.

Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó sì parí láàárín wákàtí 4 sí 5, kí oòrùn tó mú. Màlúù tí kò ráyè jẹ àpọ̀jẹ kò jẹun tán. Ẹrù orí ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ, ìyẹn bí kìlógíráàmù 45 fún èyí tó wọn 135. Bí ẹran bá kọ oúnjẹ tàbí tó ń tiro, kí a tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí a sì pe dókítà ẹranko.