Bí A Ṣe Ń Dáhùn Ìbéèrè Lórí Àdéhùn Nínú Ìdánwò Òfin

Nínú ìdánwò òfin, olùkọ́ a máa sọ ìtàn kan, a sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ gba àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn nímọ̀ràn. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni ìdáhùn ń gbà: ohun tó ń fa awuyewuye, òfin tó kàn án, fífi òfin náà wo ìṣẹ̀lẹ̀, àti ibi tí ọ̀rọ̀ já sí.

Ká ní ọlọ́kọ̀ kan fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé pé òun yóò ta ọkọ̀ òun fún olùrà kan ní ₦5,000,000. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, olùrà fèsì: “Ṣé ẹ lè gbà á ní ₦4,500,000?” Ọlọ́kọ̀ dákẹ́. Lọ́jọ́bọ̀, olùrà kọ̀wé pé òun gbà láti san ₦5,000,000. Ọlọ́kọ̀ ní òun ò tà mọ́.

“Ǹjẹ́ àdéhùn wà?” ti gbòòrò jù. Ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ bi ara rẹ̀ ni bóyá iye tí olùrà dá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ti pa ohun tí ọlọ́kọ̀ fi lọ̀ ọ́. Kò sí ẹni tó ń jiyàn lórí ohun yòókù, nítorí náà kò yẹ kó gba àyè púpọ̀.

Òfin rẹ̀ wá láti inú ẹjọ́ Hyde àti Wrench ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1840. Wrench fẹ́ ta oko ní £1,000. Hyde dá £950, Wrench kọ̀. Nígbà tí Hyde padà wá gba £1,000, ilé ẹjọ́ ní kò sí àdéhùn mọ́, torí iye tó dá ti pa ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n nínú ẹjọ́ Stevenson àti McLean, lọ́dún 1880, olùrà irin kàn béèrè bóyá wọ́n lè fún òun ní oṣù méjì láti gba ọjà ni. Ilé ẹjọ́ ní ìbéèrè lásán kò pa nǹkan kan.

Ibi ìgbésẹ̀ kẹta ni máàkì pọ̀ sí, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà: wọ́n á tún ìtàn sọ, wọ́n á tún òfin kà, wọn ò ní so méjèèjì pọ̀. Ọ̀rọ̀ inú àtẹ̀jíṣẹ́ gan-an ni kí a yẹ̀ wò. “Ṣé ẹ lè gbà á” jọ ìbéèrè, èyí sì gbe olùrà. Àmọ́ owó ló fẹ́ dín, bíi ti Hyde. Kì í ṣe àkókò ló béèrè bíi ti Stevenson. Ìdáhùn tó dára a máa gbé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yẹ̀ wò kó tó yan ọ̀kan.

Ní ìparí, ó ṣeé ṣe jù pé kò sí àdéhùn: ọ̀rọ̀ Ọjọ́bọ̀ di ohun tuntun tí olùrà fi lọ ọlọ́kọ̀, ọlọ́kọ̀ sì lè kọ̀ ọ́. Ká ní ohun tí olùrà béèrè ni bóyá òun lè san ₦5,000,000 náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹjọ́ Stevenson ni yóò sún mọ́ ọn jù.