Ọjọ́ Àyẹ̀wò Oyún Kò Yẹ Kó Bá Ọ̀gá Lójijì

Ohun tó sábà ń fa ìjà láàárín aláboyún tó ń ṣiṣẹ́ oṣù àti ọ̀gá rẹ̀ kì í ṣe pé kò wá síṣẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọjọ́ àyẹ̀wò oyún ṣeé mọ̀ láti oṣù mélòó kan ṣáájú.

Láti ọdún 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí aláboyún lọ fún àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀mẹjọ, ó kéré tán: àkọ́kọ́ kí oyún tó kọjá ọ̀sẹ̀ 12, ìyókù ní ọ̀sẹ̀ 20, 26, 30, 34, 36, 38 àti 40.

Ẹ jẹ́ ká wo obìnrin kan tó ń gbowó ní ilé ìtajà ńlá n'Íbàdàn. Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù Kìíní 2026, ló rí nǹkan oṣù rẹ̀ gbẹ̀yìn, ọjọ́ Ajé náà sì ni ilé ìwòsàn rẹ̀ ń dá aláboyún lóhùn. Àyẹ̀wò rẹ̀ yóò bọ́ sí 30 oṣù Kẹta, 25 oṣù Karùn-ún, 6 oṣù Keje àti 3 oṣù Kẹjọ. Ìkarùn-ún bọ́ sí 31 oṣù Kẹjọ, ọ̀sẹ̀ 6 géérégé kó tó bímọ. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà sì gbà á láyè láti bẹ̀rẹ̀ ìsinmi ìbímọ lọ́jọ́ yẹn, tó bá ti mú ìwé dókítà wá. Nítorí náà, nínú mẹ́jọ tí ìbá ba ọ̀gá lẹ́rù, ọjọ́ mẹ́rin péré ló nílò arọ́pò. Àmọ́ bó bá fẹ́ dúró lẹ́nu iṣẹ́ títí ìbímọ yóò fi kù sí dẹ̀dẹ̀, kó sọ ọ́, torí àyẹ̀wò tó kù yóò wọnú iṣẹ́.

Òfin náà kò dárúkọ ọjọ́ àyẹ̀wò ní tirẹ̀, àdéhùn ló kù. Kó tó lọ bá ọ̀gá, kó kọ́kọ́ bá ẹni tí wọ́n jọ ń gbowó sọ̀rọ̀. Nígbà náà ni yóò lè sọ pé: “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọjọ́ Ajé mẹ́rin ni mo máa lọ fún àyẹ̀wò, káàdì mi rèé. Ẹni tó ń ṣe ṣífìtì ọ̀sán ti gbà láti bá mi ṣe ti àárọ̀, màá sì bá a ṣe Sátidé tirẹ̀.” Lẹ́yìn náà, kó fi àwọn ọjọ́ náà ránṣẹ́ sí ọ̀gá lórí Wáásáàpù, kí ẹnikẹ́ni má baà gbàgbé.

Kó má ṣèlérí pé òun yóò dé ní aago mẹ́wàá o. Ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ ló máa ń pẹ́ jù, torí ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ àti ìtàn àìsàn ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Kó gba odindi ọjọ́ yẹn. Kó sì sọ tẹ́lẹ̀ pé tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá yọjú, dókítà lè fi ọjọ́ kún un. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára rẹ̀, tí orí ń fọ́ ọ gan-an, tàbí tí ọmọ kò yí bó ṣe ń yí, kó lọ lójú ẹsẹ̀, kó tẹ ọ̀gá láago lójú ọ̀nà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ forúkọ sílẹ̀, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì bá yín kọ gbogbo ọjọ́ tó kù sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, torí ètò ilé ìwòsàn kan yàtọ̀ sí òmíràn.