Fáìlì Tó Ṣì Lọ

Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń wáṣẹ́ báyìí, ibẹ̀ náà sì ni àṣìṣe ti ń ṣẹlẹ̀. Fóònù a máa to àwọn fáìlì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lò sókè, orúkọ wọn a sì jọra: `CV.pdf`, `CV new.pdf`, `CV new (1).pdf`. Ìka á tẹ èyí tó wà lókè pátápátá, wọ́n á tẹ `Send`, ó ti lọ nìyẹn.

Tí ojú bá tètè là sí i, Gmail máa ń gbé `Undo` síta fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, èèyàn sì lè tún un tò kó di 30. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ọ̀nà àtifà á padà. Gmail lè rán yín létí pé ẹ ò so nǹkan kan mọ́ ọn, àmọ́ kò lè mọ̀ pé fáìlì ẹlòmíì lẹ so.

Ká ní ọmọbìnrin kan, akáǹtáǹtì, wáṣẹ́ sí iléeṣẹ́ méjì n'Ìkẹjà láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Lọ́sàn-án, ó ṣí `Sent`, ó rí i pé lẹ́tà tó kọ sí àwọn tó ń ṣe bísíkíìtì ló fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ta oògùn. Kó má bẹ̀rẹ̀ ímeèlì tuntun. Kó ṣí èyí tó fi ránṣẹ́ láàárọ̀, kó tẹ `Reply`, kó wò ó bóyá àdírẹ́sì agbanisíṣẹ́ ló wà lókè, kó má sì fọwọ́ kan àkòrí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni méjèèjì á ṣe wà pa pọ̀ lójú ẹni tó máa kà á. Tó bá pààrọ̀ àkòrí, Gmail á yà wọ́n sọ́tọ̀. Fáìlì tuntun náà ńkọ́? Kó ṣí i kó kà á lẹ́yìn tó bá ti so ó mọ́ ímeèlì, kó tó fi ránṣẹ́. Ohun tó máa kọ kò ju báyìí lọ:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Lẹ́tà tí mo fi ránṣẹ́ sí yín láàárọ̀ yìí fún iṣẹ́ akáǹtáǹtì kọ́ ló yẹ kí n fi ránṣẹ́. Èyí tó tọ́ ló wà níbí, `Letter-Accountant.pdf` lorúkọ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi rọ́pò ti àkọ́kọ́. Síífì tó wà lọ́wọ́ yín kò ní àtúnṣe. Ẹ má bínú sí wàhálà tí mo kó bá yín.”

Ẹni tó ń gbani síṣẹ́ fẹ́ mọ èyí tó máa jù nù àtèyí tó máa mú. Gbólóhùn tó sọ pé síífì kò ní àtúnṣe ló ń gbà á lọ́wọ́ wíwá kiri. Àwa tá a mọ ìdọ̀bálẹ̀ ṣe dáadáa la máa ń ba irú lẹ́tà yìí jẹ́: ẹ̀bẹ̀ á gba ìlà mẹ́fà, ìtàn iná tó lọ á tẹ̀ lé e, fáìlì á wá fara pamọ́ sísàlẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kan tó.

Lẹ́tà kan tó fò nínú ọ̀rọ̀ kò yẹ fún ímeèlì kejì. Nọ́ńbà fóònù tó ṣì yẹ, torí wọn ò ní rí yín pè. Èyí tó léwu jù ni èsì ìdánwò. Tí síífì bá sọ pé Sẹ́kọ́ǹdì Kíláàsì Ọ́pà, tó sì jẹ́ Lówà, ẹ kọ méjèèjì síbẹ̀ kedere, èyí tẹ́ ẹ kọ àtèyí tó jẹ́ òótọ́, kí wọ́n tó béèrè sábúkéètì. Tó bá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ ti wọṣẹ́ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i, irọ́ ni wọ́n máa pè é, iṣẹ́ sì lè bọ́. Bó bá jẹ́ ìwé ẹlòmíì lẹ fi ránṣẹ́, bíi nọ́ńbà NIN ẹ̀gbọ́n yín, ẹ ní kí wọ́n pa á rẹ́, kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹ̀gbọ́n náà.

Ti ojú òpó ìwáṣẹ́ tún yàtọ̀. Púpọ̀ nínú wọn ló ń ti fọ́ọ̀mù pa lẹ́yìn `Submit`. Àwọn kan gbà kéèyàn yọ orúkọ kúrò kó tún un fi sílẹ̀, àmọ́ àwọn míì kì í gba ímeèlì kan náà lẹ́ẹ̀mejì fún iṣẹ́ kan, nítorí náà ẹ ka òfin wọn kẹ́ ẹ tó yọ ọ́. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ wá àdírẹ́sì ẹni tó ń bójú tó ìgbanisíṣẹ́ nínú ìkéde iṣẹ́ náà, kẹ́ ẹ sì kọ nọ́ńbà tí wọ́n fún yín nígbà tẹ́ ẹ fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ sí ìlà àkọ́kọ́. Ẹ má fèsì sí àdírẹ́sì tí `noreply` bá wà lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń kà á.